Ìlà Pupa Lórí Nọ́mbà Mẹ́rìnlá

Nígbà tí bàbá mi kú, n kò sunkún. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí omijé lọ́wọ́ mi. Wọ́n sin ín sí ìlú rẹ̀, Ìyàrá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn ará ìjọ màmá mi, tí í ṣe Kátólíìkì, jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn, àwọn Áfáà jókòó sórí ẹní, ìrẹsì kan náà ni gbogbo wọn sì jẹ. Àwọn èèyàn ń di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń ní kí n mú ọkàn le. Ọkàn mi ti le jù. Ohun tí mo ń rò ni ta ni yóò tan kọ̀ǹpútà yàrá káàdì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọsibítù kan ní Kàbà ni èmi àti bàbá mi jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ni ọ̀gá sítọ́ọ̀, èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ìpínlẹ̀ Kogí kò tíì pẹ́ nígbà náà. Àwọn lẹ́tà kan ṣì ń dé bá wa tí wọ́n kọ orúkọ ìpínlẹ̀ àtijọ́ sí lẹ́yìn. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Ọsibítù wa sì ti ní kọ̀ǹpútà bíi mẹ́wàá tí wáyà so pọ̀ láti yàrá dé yàrá, a sì ń fi wọ́n yangàn fún àlejò bí ẹní fi ọmọ tuntun hàn. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé wọn, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Bí ó bá ti dákẹ́, gbogbo ọgbọ́n wa dákẹ́ nìyẹn.

Kí wáyà tó dé, òṣìṣẹ́ kan ló máa ń fẹsẹ̀ rìn láti láàbù lọ sí yàrá káàdì láti gbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ. Nígbà tí wáyà dé, ọkùnrin tó wà ní láàbù á tẹ èsì sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á rán an, pépà á sì jáde láti ara púríntà tó wà ní yàrá káàdì. Màmá Káàdì á mú un, á wá káàdì aláìsàn náà, á fi pínnì so ó mọ́ ọn, á gbé e lọ bá dókítà. Màmá Káàdì la máa ń pè é. Ọmọ Ayewa ní Bùnú ni. Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn, ó sì mọ nọ́mbà káàdì èèyàn ju orúkọ wọn lọ. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wáyà náà bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá mi nígbà kan tí kò jẹ́ kí n sinmi lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó wà lórí wáyà ní nọ́mbà méjì. Ọ̀kan ni àdírẹ́sì tí èmi fún un, tí mo lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fún ẹlòmíràn. Èkejì ni nọ́mbà tí wọ́n ti fi sí i lára níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ìyẹn tirẹ̀ ni, ibi yòówù kó lọ. Bí kọ̀ǹpútà láàbù bá fẹ́ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mẹ́rìnlá, á kọ́kọ́ ké sórí wáyà pé: ta ló ni mẹ́rìnlá? Gbogbo ẹ̀rọ ló máa gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín nìkan ni yóò dáhùn pé: èmi ni, nọ́mbà ara mi rè é. Kọ̀ǹpútà láàbù á wá kọ ọ́ sínú àtẹ kékeré kan tó wà nínú rẹ̀, tí à ń pè ní àtẹ ARP, kó má baà máa ké ní gbogbo ìgbà. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó kọ síbẹ̀ ló gbàgbọ́, ibẹ̀ ló sì ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ.

Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó tún fìlà ṣe. Ó ní, "Bí ẹni méjì bá wá dáhùn ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ níbi tí èmi bá wà, torí mo ní ìwé. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìwé náà wà lóòótọ́. Ìwé olójú ìlà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le. Mo ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún yàrá kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹni tó ni yàrá lókè, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ nísàlẹ̀, àdírẹ́sì wọn, àti nọ́mbà ara wọn. Ojú ewé bàbá mi ní kọ̀ǹpútà kan àti púríntà kan. Ìgbà tí púríntà yẹn dé ni mo kọ́kọ́ rí irú púríntà tó ní wáyà tirẹ̀, tí kò gbára lé kọ̀ǹpútà kankan. Mo fún un ní mẹ́rìnlá.

Ọsibítù wa ní àṣà méjì bí òṣìṣẹ́ bá kú. Èkíní, lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ìwé: ìwé ìwọlé, ìwé oògùn, ìwé ìsinmi, ohun gbogbo. Èkejì, bó bá jẹ́ ẹni tó ní yàrá tirẹ̀ ni, wọ́n á ti yàrá náà, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sórí àga rẹ̀ títí àwọn ẹbí á fi wá kó ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Èmi kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Mùsùlùmí ló dà bíi pé ó ni ín, ṣùgbọ́n Kìrìsìtẹ́nì náà kì í rú u.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Sẹ́kítírì ọsibítù rán bírò pupa kiri pẹ̀lú lẹ́tà tí a ní láti fi ọwọ́ sí. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣí ìwé mi sí ojú ewé bàbá mi, mo sì fa ìlà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ní kí n fa á lé. Èmi fa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà lórí orúkọ, ìlà lórí kọ̀ǹpútà, ìlà lórí púríntà, títí ojú ewé náà fi pupa. N kò ka ohun tí mò ń fa á lé. Mo fi ọwọ́ sí lẹ́tà, mo dá bírò padà, mo lọ jẹ iyán.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, púríntà yàrá káàdì bàjẹ́, wọ́n sì ra òmíràn. Irú ti bàbá mi gan-an ni wọ́n rà. Ó nílò àdírẹ́sì. Mo ṣí ìwé, mo wá nọ́mbà tó ṣófo, mo rí mẹ́rìnlá lábẹ́ ìlà pupa. Mo tún ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe: mo jókòó sí kọ̀ǹpútà, mo pe mẹ́rìnlá wò bóyá ẹnì kan máa dáhùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Báwo ni yóò ṣe dáhùn, nígbà tí púríntà náà wà nínú yàrá tí wọ́n tì, tí wọ́n ti pa iná ẹ̀ lára ògiri? Ìdákẹ́ ẹ̀rọ kò fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ. Mo ti fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn èèyàn ní ọ̀rọ̀ yẹn rí. Mo fún púríntà tuntun ní mẹ́rìnlá. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, àbúrò bàbá mi wá pẹ̀lú màmá mi láti kó ẹrù. Sẹ́kítírì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo di àpò Gánà mú, ohun tí wọ́n bá nà sí mi ni mò ń kó sínú rẹ̀: bàtà, ìwé àdúrà, fìlà méjì, abọ́ tí màmá mi fi máa ń gbé oúnjẹ fún un. N kò wọlé. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ mi kàn dúró síbẹ̀ ni. Yàrá náà ṣókùnkùn, àbúrò bàbá mi sì fọwọ́ wá ògiri, ó tẹ gbogbo ohun tó bá lọ́wọ́ kí iná lè tàn. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù tán, ó pa gílóòbù. Wọ́n tilẹ̀kùn padà. Kọ́kọ́rọ́ náà padà sínú dúrọ́ọ̀ Sẹ́kítírì, a sì ń retí ọ̀gá sítọ́ọ̀ tuntun tí wọn kò tíì rán wá.

Ó tó ọjọ́ kẹta kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà béèrè èsì ẹ̀jẹ̀ obìnrin aboyún kan tó ti ìlú Iffe wá. Láàbù ní àwọn ti rán an. Màmá Káàdì ní òun kò rí i. Wọ́n ní kí obìnrin náà padà wá kí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, méjì tún sọnù. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí èyí tó sọnù. Lọ́jọ́ kẹrin, márùn-ún. Ọkùnrin láàbù fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ han ẹnikẹ́ni tó bá dé: wò ó, ó ní ó ti lọ, pépà ti jáde. Kọ̀ǹpútà kò purọ́. Ẹni tó kù tó lè purọ́, tàbí tó lè gbàgbé, ni màmá arúgbó tó wà ní òdìkejì wáyà.

Sẹ́kítírì, ọmọ ìlú Makutu, ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà, fún Màmá Káàdì ní ìwé ẹ̀sùn. Wọ́n ní kó ṣàlàyé lórí pépà kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lọ́jọ́ Fúráìdè. Gbogbo ọsibítù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ìgbìmọ̀ bá dá a lẹ́bi, á lọ sílé láìsí ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé kò ṣeé fi iṣẹ́ rán. Sẹ́kítírì ní, "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé."

Lọ́jọ́ Túsìdè, Màmá Káàdì wá sí yàrá mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lọ́dọ̀ wa, ó ní, "Okun, ọma mi."

Mo ní, "Okun o, Mà."

"Uṣẹ́ rẹ ni mo bá wá. Ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń gbé pépà mì? Mo ti wá a títí, mi è rí i."

Mo ní ẹ̀rọ kì í gbé pépà mì. Mo bá a lọ síbẹ̀ ṣá. Mo wo wáyà, kò já. Mo wo púríntà, iná rẹ̀ ń tàn. Mo pè é láti orí kọ̀ǹpútà mi: mẹ́rìnlá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo tẹ ìwé kan sí i, ó jáde. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní àkókò yẹn, kò sí ohun tó lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Sẹ́kítírì ní kí n kọ ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ ní ìlà kan: Mo yẹ ẹ̀rọ wò, ẹ̀rọ kò ní àbùkù. Mo fi ọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e lọ sínú fáìlì Màmá Káàdì.

N kò ronú kàn án mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ ní oṣù yẹn. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń dáhùn bí wọ́n bá kí mi, ṣùgbọ́n mo dà bí ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, mo lọ sí láàbù nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bọ́tìnnì kan ti lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà wọn. Nígbà tí mo ń nu ún, ọkùnrin láàbù rán èsì mẹ́ta lójú mi. Ó ní, "Ẹ wò ó fúnra yín, ó ti lọ." Ó ti lọ lóòótọ́. Ọwọ́ mi kàn tẹ àṣẹ tó ń fi àtẹ ARP hàn, bí ẹni ń fi ìka ta tábìlì nígbà tó ń dúró. Ìlà díẹ̀ jáde. Mẹ́rìnlá wà níbẹ̀, nọ́mbà ara rẹ̀, tó pa lẹ́tà àti nọ́mbà pọ̀, sì parí sí e1.

Mo wò ó. Èmi ni mo da nọ́mbà ara púríntà tuntun kọ láti ara bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. 7c ló parí sí. Mo mọ̀ ọ́n torí pé mo ní láti dùbúlẹ̀ kí n tó lè kà á.

Mo ní kí ọkùnrin láàbù má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo jókòó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá tí kò sí ohun tó lọ, mẹ́rìnlá kúrò nínú àtẹ náà. Ó ti gbàgbé rẹ̀. Mo ní kó rán ìwé kan tí kò ní láárí. Mo tún wo àtẹ. Mẹ́rìnlá ti padà, ṣùgbọ́n 7c ló parí sí lọ́tẹ̀ yìí. Mo tún dúró, a tún rán. e1. Àdírẹ́sì kan, ara méjì. Ẹni méjì ló ń dáhùn sí ìpè kan, ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá dé kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà ń gbà gbọ́, gbogbo èsì ìṣẹ́jú yẹn á sì wọ́ tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà méjì ni, ọ̀kan ì bá ti gbé ìkìlọ̀ sójú pé ẹlòmíràn ń lo àdírẹ́sì òun. Púríntà kò ní ojú tí yóò gbé ìkìlọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí mẹ́rìnlá fi dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ Túsìdè. Mo béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, n kò béèrè ta ni.

Mo padà sí yàrá mi, mo ṣí ìwé. Mo wá e1 láti ojú ewé kan dé òmíràn. N kò rí i. Ó ku ojú ewé tó pupa. Mo gbé e sókè síbi fèrèsé, mo fi ìka tọ ìlà, mo kà á lábẹ́ yíǹkì: púríntà, sítọ́ọ̀, mẹ́rìnlá, e1. Ìkọ̀wé èmi náà ni.

Ẹ gbọ́, n kò sáré. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo lè fa wáyà kan yọ níbi tí gbogbo wáyà ti pàdé, kí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé pérépéré, kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́la. Wọ́n á ní Màmá Káàdì ti gbọ́ ìkìlọ̀, ó ti ń ṣe dáadáa. Mo rò ó bẹ́ẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, kò sì dà bí ohun burúkú lójú mi. Kò dà bí ohunkóhun. Ohun tó gbé mi dìde ni pé mo fẹ́ mọ ibi tí àwọn pépà náà wà.

Mo lọ bá Sẹ́kítírì, mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀. Ó ní kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Mo ní, "Ibẹ̀ ni èsì wà, Sà." Ó wò mí bí ẹni tí ikú bàbá ti dà lórí rú. Ó dìde, ó tẹ̀lé mi, ó sì ní kí wọ́n pe Màmá Káàdì.

Ó ṣílẹ̀kùn. Yàrá náà gbóná díẹ̀. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ń tàn lórí tábìlì bàbá mi. Púríntà rẹ̀ ti tẹ̀wé títí pépà fi kún ibi tó ń bọ́ sí, àwọn yòókù sì dà sílẹ̀, wọ́n tẹ́ sábẹ́ àga rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ ògiri. Bàbá mi kì í jẹ́ kí pépà tán nínú púríntà rẹ̀. Ó máa ń kún un dé ẹnu ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ní ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ kò gbọdọ̀ ní àìní. Pépà tó kún sílẹ̀ kó tó kú ni wọ́n fi tẹ gbogbo rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí mo wọlé. Màmá Káàdì ti wọlé ṣáájú mi. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa pépà, ó ń ka nọ́mbà káàdì orí wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó kan ti obìnrin Iffe náà, ó yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Sẹ́kítírì ní, "Kí lèyí?"

Mo ṣàlàyé. Mo nawọ́ sí súwíìṣì púríntà lára ògiri, èyí tí àbúrò bàbá mi tẹ̀ tí kò sì pa. Mo fa wáyà púríntà náà yọ lẹ́yìn. Mo ní ó ti parí, kí a lọ wò ó. A lọ sí yàrá káàdì, mo ní kí wọ́n sọ fún láàbù kó rán ìwé kan. A dúró. Ohunkóhun kò jáde. A tún dúró. Ọkùnrin láàbù fúnra rẹ̀ wá sọ pé ní báyìí, kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ ní ó ti lọ mọ́, àṣìṣe ló ń kọ.

Sẹ́kítírì ní, "Ṣé ẹ rí i? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ má jẹ́ ká tètè yọ."

Mo lọ sí láàbù, gbogbo wọn tẹ̀ lé mi. Mo ṣí àtẹ ARP. Mẹ́rìnlá ṣì wà níbẹ̀, e1 ló sì parí sí. Mo ti fa wáyà yọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ohun tó kọ sílẹ̀ kí n tó fà á yọ ló ṣì ń tẹ̀ lé, ó ń gbé ẹrù lọ sẹ́nu ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó máa ṣí i. Bí a bá dúró, á gbàgbé fúnra rẹ̀. Sẹ́kítírì kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń ní kó dúró. Mo tẹ àṣẹ tó ń pa ìlà kan rẹ́ nínú àtẹ, mo kọ mẹ́rìnlá sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Mo ní kí wọ́n tún un rán. Kọ̀ǹpútà tún ké, ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, 7c wọ inú àtẹ, a sì gbọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ń pariwo láti yàrá káàdì pé pépà ti jáde.

Sẹ́kítírì mí kanlẹ̀. Ó ní kò sí ẹjọ́ mọ́, ẹ̀rọ ló fà á, wọn ò lè fún ẹ̀rọ ní ìwé ẹ̀sùn. Inú rẹ̀ dùn, mo gbà. Ó mú wa lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ kó lè ti fáìlì náà pa lójú wa. Ó ṣí i sórí tábìlì. Lẹ́tà mi ló wà lókè, ìlà kan péré: ẹ̀rọ kò ní àbùkù. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìdáhùn Màmá Káàdì sí ìwé ẹ̀sùn wà. Ó ti mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdè, kí n tó rí nǹkan kan.

Ojú mi bọ́ sí i. Ìkọ̀wé ẹni tó ti ń kọ káàdì láti ìgbà pípẹ́ ni, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró dáadáa. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ ti sọ pé kò sí ohun tó ṣe é, nítorí náà, òun gbà pé òun ni. Ó ní òun ti tú àpò òun, òun ti tú abẹ́ ibùsùn òun nílé, òun kò rí pépà kankan, òun kò sì rántí pé òun mú wọn. Ó ní bóyá orí òun ti ń lọ bó ṣe ṣe ìyá òun lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn aláìsàn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sílé.

Mo ka ìwé náà dé ìparí, mo sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe omijé díẹ̀. Mo sunkún débi pé Sẹ́kítírì dìde lórí àga, kò mọ ohun tó lè fi ọwọ́ ṣe. Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀rọ, Sà. Èmi ni. Èmi ni mo fa ìlà pupa, èmi ni mo fún ẹni méjì ní nọ́mbà kan, èmi ni mo sì kọ pé kò sí àbùkù." Ojú tì mí, ó sì dùn mí. Ó tó oṣù méjì tí nǹkan kan ti dùn mí kẹ́yìn.

Màmá Káàdì jókòó, pépà tó ṣà wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Má sunkún mọ́, ọma mi." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àwọn ọma mi nílé pé orí mi è pé mọ́."

Mo jókòó síbẹ̀, mo kọ lẹ́tà mìíràn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Sẹ́kítírì fún mi ní ìwé ẹ̀sùn tèmi, mo gbà á, ìka tó ṣẹ̀ ni wọ́n gé. Ó fa ìwé Màmá Káàdì yọ nínú fáìlì, ó ya á lójú wa. Ìgbìmọ̀ kò jókòó. Mo fún púríntà bàbá mi ní àdírẹ́sì mìíràn, mo sì fi bírò dúdú kọ ọ́ sí ojú ewé tuntun.

Láti ọjọ́ náà, èsì kan kò sọnù mọ́. Púríntà yàrá káàdì ń tẹ̀wé bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo aago mẹ́wàá òwúrọ̀, títí ó fi fẹ̀yìn tì, Màmá Káàdì máa ń dìde nídìí ẹ̀rọ náà, á fẹsẹ̀ rìn gba inú oòrùn lọ sí láàbù, á ní kí wọ́n ka orúkọ gbogbo èsì tí wọ́n ti rán fún òun, á kọ wọ́n sórí páálí kan, á fẹsẹ̀ rìn padà. Iwájú fèrèsé mi ló ń gbà. Á ní, "Okun, ọma mi." Mo ní, "Okun o, Mà." N kò sọ fún un mọ́ láé pé ẹ̀rọ kò ní àbùkù.